Àwòrán Ogun Kírìjì tí ẹ̀rọ yà, àti ohùn ọba tó ti wàjà

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ìtàn Yorùbá ni mo ń ṣe sórí Yútúùbù láti Adó-Èkìtì. Mo ṣe fídíò kan lórí Ogun Kírìjì. Ẹ̀rọ AI ló ya gbogbo àwòrán inú rẹ̀, ẹ̀rọ náà ló sì ka ìtàn náà pẹ̀lú ohùn kan tí mo yàn. Ní báyìí, mo fẹ́ ṣe ti ọba kan tó ti wàjà, kí ohùn rẹ̀ gan-an máa sọ ìtàn ara rẹ̀. Ṣé dandan ni kí n tẹ 'Yes' níbi tí Yútúùbù ti ń béèrè bóyá a fi ẹ̀rọ ṣe é? Ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá tẹ̀ ẹ́, wọn ò ní sanwó fún mi mọ́."

Ẹ tẹ 'Yes' fún fídíò Kírìjì yẹn lónìí. Àwòrán inú rẹ̀ ló fà á, kì í ṣe ohùn tó ń kàwé. Ọ̀rọ̀ ọba tó wàjà yàtọ̀ gédégédé, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí ẹ ó fi ka ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ní ti owó, ọ̀rẹ́ yín kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣì yín lọ́nà. Òfin méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn tó sì ń da méjèèjì pọ̀ báyìí pọ̀ gan-an, títí kan àwọn tí wọ́n ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí.

Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Yútúùbù gbé ìbéèrè yìí síwájú gbogbo àwa tí à ń gbé fídíò sórí rẹ̀. Inú YouTube Studio ló wà, lójú ewé tí ẹ ti ń kọ àkọlé fídíò. Ẹ lọ sísàlẹ̀, ẹ tẹ 'Show more', ẹ ó rí 'Altered content'. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ni bóyá a lo ẹ̀rọ. Wọn kò béèrè bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ní, ṣé fídíò yìí mú kó dà bíi pé èèyàn gidi kan sọ ohun tí kò sọ, tàbí ṣe ohun tí kò ṣe? Ṣé ẹ yí àwòrán ìṣẹ̀lẹ̀ gidi tàbí ibi gidi kan padà? Àbí ṣé ìran kan wà nínú rẹ̀ tó jọ òótọ́, àmọ́ tí kò wáyé? Tí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti bá fídíò yín mu, 'Yes' ni ìdáhùn. Ẹni tó ń wo fídíò ni wọ́n ní lọ́kàn: ṣé ó lè rò pé kámẹ́rà ló gba ohun tí òun ń wò? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ìjì líle ṣe àpẹẹrẹ, ìjì tó ń bọ̀ wá sórí ìlú gidi kan nígbà tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún fi olórin ṣe àpẹẹrẹ, tí wọ́n yí ohùn rẹ̀ kó lè dà bíi pé ó ṣi orin kọ níwájú èrò. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ẹ̀rọ ya Ìjàpá àti Yánníbo ní àwòrán ẹ̀fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ohun tó kàn yín pẹ̀lú 'Yes', nítorí kò sẹ́ni tó máa rò pé ìjàpá kan jókòó tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá tún àwọ̀ àwòrán ṣe, tí ẹ mú ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú ohùn, tàbí tí ẹ̀rọ bá yín kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kà.

Ẹ jẹ́ ká wá mú Kírìjì yín síwájú. Ogun náà wáyé lóòótọ́. Láti nǹkan bíi ọdún 1877 sí 1893 ni àwọn Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fi dojú kọ ara wọn. Ògèdèǹgbé wà lóòótọ́, Fábùnmi wà, Ààrẹ Látòóòsà wà. Èyí ló ń mú kí àwọn tó ń ṣe fídíò ìtàn sọ pé, 'Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ń sọ, kí ni mo tún fẹ́ kéde?' Ṣùgbọ́n ìran tí ẹ̀rọ yà fún yín, níbi tí Ògèdèǹgbé ti dúró lórí òkè pẹ̀lú èéfín ìbọn lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Ẹ̀rọ kò mọ ojú Ògèdèǹgbé. Ojú ọkùnrin kan tí kò sí láyé rí ni ó yà, ẹ̀yin ni ẹ wá kọ orúkọ Ògèdèǹgbé sábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá wá sọ ọ́ di aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bíi fọ́tò àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń ṣe, ọmọ iléèwé tó bá rí i á gbé e lọ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ pé fọ́tò Ògèdèǹgbé rèé. Èkíní àti ẹ̀kẹta nínú ìbéèrè mẹ́ta yẹn ló ti mú yín.

Ẹ tún fara balẹ̀ wo àwòrán yẹn fúnra yín. Mo ti bá àwọn èèyàn tún irú fídíò báyìí ṣe, àṣìṣe kan náà ni ẹ̀rọ máa ń ṣe. Ó máa ń ya ọ̀kọ̀ àti apata fún gbogbo jagunjagun, bíi pé gbogbo ogun ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú rí bákan náà, tàbí kó fi ìbọn òde òní lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn Kírìjì mọ̀ pé ìbọn Sínáídà tí àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tó wà l'Ékòó bá wọn wá wà lára ohun tó yí ogun náà padà, àti pé ìró ìbọn gan-an ni wọ́n sọ pé orúkọ Kírìjì ti wá. Ẹ wo òrùlé ilé pẹ̀lú. Tí ẹ bá rí páànù tó ń dán lórí gbogbo ilé ní ibùdó ogun ọdún 1880, ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀rọ kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Títẹ 'Yes' kò tún èyí ṣe. Ó kàn sọ fún èèyàn pé wọ́n ṣe é ni, kò sọ pé wọ́n ṣe é dáadáa.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù fún ìtàn. Ẹ sọ fún ẹ̀rọ pé kó yà á bí àwòrán tí èèyàn fi yíǹkì tàbí ọ̀dà yà, kí ilà ọwọ́ hàn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí i tí á pè é ní fọ́tò, nípa bẹ́ẹ̀ ìkéde kì í ṣe dandan mọ́. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni pé ó lè má dá ojú dúró lórí fóònù bí èyí tó jọ òótọ́, mi ò sì ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ìtàn, ojú tí ẹ bá fún Fábùnmi lónìí ni àwọn ọmọ á fi mọ̀ ọ́n títí lọ. Tèmi ni pé kó hàn gbangba pé àwòrán ni.

Ohùn tó kàwé kò le tó bẹ́ẹ̀. Ohùn tí ẹ yàn látinú àwọn tí ẹ̀rọ kó kalẹ̀, tí kì í ṣe ti ẹnì kan táwọn èèyàn mọ̀, kò mú kó dà bíi pé ẹni gidi kan sọ ohun tí kò sọ. Fún ìdí yìí, òun nìkan kò tó láti mú yín tẹ 'Yes'. Tó bá jẹ́ pé ohùn ẹlòmíràn ni ẹ kọ́ ẹ̀rọ láti sín jẹ, bóyá ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò, nígbà náà dandan ni, Yútúùbù sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nípa ohùn ẹ̀rọ ní èdè wa ni àmì ohùn. Tí ẹ bá kọ 'ogun' láìfi àmì sí ọ̀rọ̀ inú ìwé tí ẹ fún un, ó lè kà á bí ogún, ó sì lè kà á bí Ògún. Mo ti gbọ́ fídíò kan tí ẹ̀rọ ti ń pe ọkọ ní ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹni tó ṣe é kò sì gbọ́ ọ rí, nítorí kò jókòó gbọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀ tí mo bá dé ọ̀rọ̀ owó.

Ní ti ọba tó wàjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ọmọ Yorùbá. Èyí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yẹn gan-an: èèyàn gidi, tí ohùn rẹ̀ wà nínú rédíò àti nínú kásẹ́ẹ̀tì àwọn èèyàn, ni ẹ fẹ́ mú kó sọ ohun tí ẹ̀yin kọ. 'Yes' ti di dandan, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Láti ọdún 2024, Yútúùbù ti fún èèyàn láyè láti fẹjọ́ sùn tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sín ojú tàbí ohùn rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló yẹ kó fẹjọ́ náà sùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yọ òkú sílẹ̀ nínú ìyẹn, ẹlòmíràn lè fẹjọ́ sùn fún un. Tí ẹjọ́ bá dé, wákàtí 48 ni wọ́n máa ń fún ẹni tó gbé fídíò náà jáde láti ṣe nǹkan kan sí i: kó mú un kúrò, tàbí kó gé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Tó bá kàn tì í mọ́lẹ̀ kí èèyàn má rí i fúngbà díẹ̀, wọn kò kà á sí. Lẹ́yìn wákàtí yẹn, àwọn fúnra wọn á wò ó, wọ́n á wò ó bóyá ẹ kéde, bóyá ó jọ òótọ́, bóyá a lè dá ẹni náà mọ̀, bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Ìkéde jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń wò, kì í ṣe ààbò tó pé.

Ọ̀rọ̀ ààfin sì wà nílẹ̀ tí Yútúùbù kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọba bá sọ nípa ààlà ilẹ̀, nípa ilé tó ń jẹ ọba, nípa ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó, ẹ̀rí ni. Wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù lẹ́yìn ogún ọdún. Tí ẹ bá wá fi ohùn rẹ̀ sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò sọ, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ tí ẹ ní sí i, ẹ ti da ẹ̀rí ìlú rú. Mi ò rí iye ìkéde tó lè wẹ ìyẹn mọ́. Ohun tí màá ṣe ní ipò yín ni pé kí n wá ohùn rẹ̀ gidi, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré láti ilé-iṣẹ́ rédíò tàbí lọ́wọ́ ẹbí, kí n gbàṣẹ, kí n lò ó bó ṣe wà. Fún ìyókù, ẹ wá òṣèré kan kó kà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sójú fídíò pé òṣèré ló ń kà á. Ó máa gbà yín lówó àti àkókò ju ẹ̀rọ lọ. Síbẹ̀, ọmọ ọba kò ní pè yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Yútúùbù sọ ọ́ ní kedere pé títẹ 'Yes' kò dín àwọn tó máa rí fídíò kù, kò sì gba ẹ̀tọ́ owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà òdìkejì ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ ló wà nínú òfin: ẹni tí kò bá ń kéde lemọ́lemọ́ ni wọ́n lè mú fídíò rẹ̀ kúrò, tàbí kí wọ́n dá a dúró nínú ètò tí wọ́n fi ń pín owó ìpolówó. Níbo wá ni ọ̀rẹ́ yín ti gbọ́ tirẹ̀? Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2025, Yútúùbù yí orúkọ òfin mìíràn padà. Òfin lórí fídíò àṣetúnṣe ni tẹ́lẹ̀, wọ́n wá pè é ní 'inauthentic content'. Òun ni wọ́n fi ń mú ìkànnì tí fídíò rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà kan náà tí wọ́n ń tẹ̀ jáde bíi búrẹ́dì: àwòrán mẹ́wàá tó ń yí kọjá, ohùn kan náà, ìtàn tí wọ́n kó látinú ìwé ẹlòmíràn, ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ̀ owó fún lábẹ́ òfin yìí ló ń lo ohùn ẹ̀rọ àti àwòrán ẹ̀rọ. Àwọn kan nínú wọn ti tẹ 'Yes' pẹ̀lú. Wọ́n wá parí èrò sí pé 'Yes' ló pa wọ́n. Ohun tó pa wọ́n ni pé kò sí èèyàn kankan nínú iṣẹ́ náà.

Tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ìkànnì yín wò fún owó, wọn kì í wo fídíò gbogbo. Wọ́n máa ń wo ohun tí ìkànnì náà dá lé, àwọn fídíò tí èèyàn wò jù, èyí tó jáde gbẹ̀yìn, àti èyí tó kó ìpín tó pọ̀ jù nínú wákàtí tí àwọn èèyàn fi wò yín. Nítorí náà, ẹ mú fídíò márùn-ún nínú ti yín tó bọ́ sí abẹ́ èyí, ẹ wò wọ́n tẹ̀léra bí àjèjì. Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra? Ṣé a gbọ́ ohun kan tí ẹ̀yin fúnra yín lọ wá, bóyá bàbá àgbà kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé tó sọ ohun tí kò sí nínú ìwé, tàbí fídíò tí ẹ fi fóònù gbà níbi tí wọ́n ti jagun? Ṣé àṣìṣe àmì ohùn ṣì kún inú rẹ̀ tí ẹ kò tún ṣe? Àṣìṣe 'ọkọ' àti 'ọkọ̀' tí mo mẹ́nu bà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè nìkan. Òun ni ẹ̀rí tó yára jù pé ẹni tó ni iṣẹ́ kò gbọ́ ọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ohùn ara yín kàwé. Fóònù lásán nínú yàrá tí aṣọ pọ̀ níbẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, nítorí òun ló kọ́ mi pé àmì Yútúùbù kò tó. Mo ṣe fídíò kan nípa omíyalé Ògùnpa tó ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Mi ò rí àwòrán tó pọ̀ tó, mo bá ní kí ẹ̀rọ ya omi tó ń gbé mọ́tò lọ láàárín ilé. Mo tẹ 'Yes', àmì sì hàn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí òjò ńlá rọ̀ lọ́dún yẹn, ẹnì kan gé ìṣẹ́jú-àáyá ogún nínú rẹ̀ jáde, ó gbé e sórí Wáàsáàpù pé Ìbàdàn rèé ní àárọ̀ yìí. Obìnrin kan láti ìdílé wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí pẹ̀lú ẹkún, ó ń wá ìyá rẹ̀. Omi tí mo fi ẹ̀rọ yà ló ń sunkún lé lórí. Àmì tí mo fi sí i wà lórí Yútúùbù, inú àlàyé abẹ́ fídíò ló sì wà, níbi tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó ṣí. Tí fídíò bá jẹ́ ti ìlera, ìdìbò, ìròyìn tàbí owó, wọ́n máa ń gbé àmì náà sójú fídíò gan-an, àmọ́ ìyẹn pàápàá kò tẹ̀ lé fídíò náà lọ tí wọ́n bá gbà á sórí fóònù. Ìsọfúnni tí àwọn ẹ̀rọ kan ń fi pamọ́ sínú fáìlì láti fi dá a mọ̀ náà máa ń sọnù tí èèyàn bá fi fóònù gba ojú fóònù mìíràn.

Látìgbà náà, mo máa ń kọ 'Àwòrán tí ẹ̀rọ yà' sójú ìran náà fúnra rẹ̀, láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ títí tó fi parí. Mi ò kọ ọ́ sí igun, nítorí igun rọrùn láti gé kúrò. Ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí àárín ni mo ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà tí ẹni tó mú fóònù kékeré lè kà. Ó máa ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, mo gbà.

Tí ẹ bá tún ń gbé fídíò náà lọ sí ibòmíràn, ìlànà wọn súnmọ́ra, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn yàtọ̀. Tíkítọ́ọ̀kì ní bọ́tìnì 'AI-generated content' tí ẹ ó tẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde, ó sì le ju Yútúùbù lọ lórí ohun kan: kò gbà kí ẹ fi ẹ̀rọ ya ojú èèyàn gidi tí kì í ṣe gbajúmọ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ kéde. Fesibúùkù náà ní kí a kéde fídíò tó jọ òótọ́ àti ohùn tó dà bíi ti èèyàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì 'Made with AI' sí àwòrán fúnra wọn, ó sì bí àwọn ayàwòrán nínú, nítorí ẹni tó kàn nu ẹrẹ̀ díẹ̀ kúrò nínú fọ́tò tòótọ́ náà gba àmì yẹn. Ní oṣù Keje, wọ́n yí i padà sí 'AI info'. Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí fọ́tò gidi tí ẹ yà ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ẹ má bẹ̀rù, ẹ fi fọ́tò tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn pamọ́ kí ẹ lè fi hàn.

Yútúùbù pẹ̀lú lè fi àmì sí fídíò yín láìbi yín, tí wọ́n bá rí i pé ó lè ṣi èèyàn lọ́nà, irú àmì bẹ́ẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ yín láti yọ. 'Yes' kò sì sọ pé ohunkóhun ti di ẹ̀tọ́: tí ìran ogun yín bá kún fún ẹ̀jẹ̀ tó kàn fẹ́ dẹ́rù ba èèyàn, wọ́n lè mú un kúrò pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀.

Fún fídíò Kírìjì tó ti wà níta, ẹ lọ sínú YouTube Studio, ẹ tẹ fídíò náà, 'Show more', 'Altered content', 'Yes', kí ẹ sì tọ́jú ìyípadà náà. Ẹ kò lè fi fáìlì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lójú ìlínkì kan náà, nítorí náà ẹ kò lè kọ ọ̀rọ̀ sójú àwòrán rẹ̀ mọ́. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ nínú àlàyé, kí ẹ sì so ó mọ́ òkè àwọn ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ fídíò, pé ojú Ògèdèǹgbé, Fábùnmi àti Látòóòsà tó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ló yà wọ́n.